Nígbà Tí Kámẹ́rà Kọ̀ǹpútà Bá Ń Ṣẹ́jú

Láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Àbújá, Kùtọnu àti ilẹ̀ Gánà, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ilé bíi tẹlifíṣọ̀n. Òun la fi ń bá àwọn àgbà tó wà nílé ṣe ìpàdé ẹbí, òun la fi ń wo ìsọmọlórúkọ tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé, àwọn míì sì ń jẹun nídìí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ àti lédè. Ẹ̀sùn méjì la sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ojú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á ṣàdédé rí bàìbàì, á tún mọ́, á tún padà rí bàìbàì. Èkejì ni pé ìmọ́lẹ̀ àwòrán kì í dúró sójú kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Àwọn tó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ á lọ ra kámẹ́rà tuntun, tuntun náà á sì bẹ̀rẹ̀ ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe, nítorí pé inú yàrá àti inú ètò kámẹ́rà ni wàhálà náà wà.

Kò ṣòro láti mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú, àwòrán á fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, á dúró gbagidi, ohùn á sì máa já. Ẹ ṣí kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà yín láìwọ ìpàdé kankan, kí ẹ wo ara yín fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ohun tí ẹ ń rí nínú ìpàdé bá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò mọwọ́-mẹsẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní ìṣòro méjì yìí, mẹ́ta gan-an ni, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín.

Bí àwòrán bá ń rí bàìbàì tó sì ń mọ́, tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń wú díẹ̀ tó tún ń sún kì, fókọ́ọ̀sì ni. Lẹ́ńsì inú kámẹ́rà ló ń rìn síwá sẹ́yìn. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n wìrìwìrì, tàbí tí ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ń sún kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, iná yàrá ni. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, tí ojú yín ṣókùnkùn nígbà tí ẹ gbé ìwé funfun sókè, tó sì padà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ gbé ìwé sílẹ̀, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ń ṣèṣirò ìmọ́lẹ̀ láìdúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti fókọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà tó wà lára láptọ́ọ̀pù kò ní lẹ́ńsì tó ń rìn. Wọ́n ti ti lẹ́ńsì wọn pa sójú kan láti ilé iṣẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí àwòrán sì ń rí bàìbàì nígbà gbogbo, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú lẹ́ńsì, òróró ọwọ́ ọmọdé ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Kámẹ́rà tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ́ńsì tó ń rìn sí. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí ojú yín wà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti lẹ́ńsì síwájú díẹ̀, ó ń wò ó bóyá etí àwọn nǹkan inú àwòrán mú ṣáṣá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá mú, ó ń lọ síwájú. Bí wọn kò bá mú, á padà sẹ́yìn. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún un láti parí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣókùnkùn, bí ògiri ẹ̀yìn yín bá pọ́nrán láìsí nǹkan kan lára rẹ̀, tàbí bí ọwọ́ yín bá ń lọ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀, kò ní rí etí tó mú. Á wá kiri títí, ẹni tó ń wò yín á sì rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì.

Ti iná yàrá ló gba àlàyé jù. Iná mànàmáná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò jẹ́ 50 Hz. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná náà ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá 1. Nínú ìlọ kọ̀ọ̀kan, gílóòbù á mọ́ lẹ́ẹ̀kan, nínú ìbọ̀ á tún mọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà gílóòbù tí kò ní ohun tó ń tẹ́ iná rẹ̀ dọ́gba ń ṣẹ́jú nígbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá 1. Ojú ènìyàn kò lè rí i. Kámẹ́rà ń rí i. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iná wọn jẹ́ 60 Hz, gílóòbù ibẹ̀ sì ń ṣẹ́jú nígbà 120. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣètò fún Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó o wá sí ọjà wa ń retí ìṣẹ́jú 120, ó sì bá 100 pàdé.

Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà sábà máa ń ya àwòrán 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ pín ìṣẹ́jú gílóòbù 100 yẹn sí àwòrán 30, ẹ ó rí i pé àwòrán kọ̀ọ̀kan gba mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta kan. Ìdá mẹ́ta kan tó ṣẹ́kù yẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí kámẹ́rà bá la ojú fún àkókò tó kúrú ju ìṣẹ́jú gílóòbù 1 lọ, àwòrán kìíní lè bá gílóòbù níbi tó ti mọ́ jù, èkejì lè bá a níbi tó ti ń rọlẹ̀, ẹ̀kẹta lè bá a níbi tó ti ń gòkè bọ̀, kí ẹ̀kẹrin tún wá bá a níbi tí kìíní ti bá a. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fi ń gbọ̀n nígbà 10 nínú ìṣẹ́jú àáyá 1, ojú ènìyàn sì ń rí ìyẹn dáadáa. Ó máa ń fọ́ni lórí.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí kámẹ́rà la ojú fún àkókò tó gba odindi ìṣẹ́jú gílóòbù 1, tàbí 2, tàbí 3. Ìṣẹ́jú gílóòbù 1 gba ìdá 1 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá 1 sí ọ̀nà 1,000, 10 nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa pe 1 nínú 1,000 yìí ní mílísẹ́kọ́ńdì. Bí kámẹ́rà bá la ojú fún mílísẹ́kọ́ńdì 10, 20 tàbí 30, iye ìmọ́lẹ̀ kan náà ni yóò máa gbà nígbà gbogbo, ibi yòówù kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán á dúró jẹ́ẹ́.

Ìṣòro kẹta kò nílò ìṣirò. Kámẹ́rà ń wo gbogbo àwòrán, ó ń fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ má funfun jù, kó má sì dúdú jù. Bí ìwé funfun bá wọlé, ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Àwa aláwọ̀ dúdú la máa ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí ojú wa ló kọ́kọ́ máa ń di òjìji bí ìwé funfun tàbí fèrèsé bá gba àwòrán kan.

Nínú ilé ìyá kan ní Sàbó-Gàrí, ní Kánò, la ti rí ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Ìyá yìí ń kọ́ ọmọ mẹ́fà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní èdè Yorùbá, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti aago 6 ìrọ̀lẹ́. Owó tó ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò ọmọkùnrin rẹ̀. Òbí méjì ti sọ fún un pé ẹ̀kọ́ náà ń fọ́ ọmọ wọn lórí, àti pé bí kò bá yí padà kí oṣù tó parí, wọ́n máa wá ẹlòmíì. Kò sí àbùkù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Káàdì funfun ló ń gbé síwájú kámẹ́rà, ó kọ lẹ́tà àti àmì ohùn sí i: ọ̀kọ̀, ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ. Àmì kékeré orí lẹ́tà yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, òun gan-an ni àwọn ọmọ kò sì rí.

Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gílóòbù kan ṣoṣo wà ní àárín àjà, ẹ̀yìn orí ìyá náà ló sì bọ́ sí. Fèrèsé wà ní apá òsì rẹ̀, oòrùn sì ń wọ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyá náà jókòó sí nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà sí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí káàdì, á nà án títí dé nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́ńsì á fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, á sáré bá káàdì, á kọjá rẹ̀, á padà. Kí ó tó rí i, ìyá náà ti gbé káàdì sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ la kọ́kọ́ tún ṣe, ohun tí a sì máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Bí ẹ bá gba ìṣàkóso lọ́wọ́ kámẹ́rà, kò ní máa tẹ̀lé ojú ọjọ́ mọ́. Fèrèsé tó mọ́ ní aago 6 á ti ṣókùnkùn ní aago 7, ètò tí ẹ ṣe ní aago 6 á sì ti bàjẹ́. A fa kọ́tínì wé fèrèsé pátápátá. A gbé iná tábìlì wá sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kó lè tan sí ojú ìyá náà, a sì dá a kọ ògiri kí ó má bàa gún un lójú. Ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ dán gílóòbù wò: ó ṣí kámẹ́rà fóònù sí fídíò tó ń lọ jẹ́jẹ́, ó kọ ọ́ sí gílóòbù. Ìlà dúdú ń sún kọjá nínú ti àjà, ti orí tábìlì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Àwọn gílóòbù LED kan ní ohun inú wọn tó ń tẹ́ iná dọ́gba, àwọn tó rọ̀ lówó jù kì í sábà ní in. Ẹ lè dán wọn wò lọ́nà yìí nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó, bí oníṣọ́ọ̀bù bá tiẹ̀ ń wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Lẹ́yìn náà ló kan kọ̀ǹpútà. Windows ló wà lórí rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní OBS Studio, òun la lò, nítorí pé ó máa ń ṣí ojú ewé ètò kámẹ́rà tí Zoom kì í fi hàn. Ẹ ṣí i, ẹ wo àpótí kékeré tí wọ́n kọ Sources sí nísàlẹ̀, ẹ tẹ àmì +, kí ẹ sì yan Video Capture Device. Ẹ yan kámẹ́rà yín nínú orúkọ tó bá jáde, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Configure Video. Ojú ewé kékeré kan á ṣí tó ní apá méjì: Video Proc Amp àti Camera Control. Gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe wà nínú méjèèjì. Bí ẹ bá rí ohun kan tó di àwọ̀ eérú tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí kò sì yí padà bí ẹ tiẹ̀ yọ àmì Auto tirẹ̀, kámẹ́rà yín kò ní in nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

A kọ́kọ́ lọ sí Video Proc Amp, a wá ibi tí wọ́n kọ PowerLine Frequency sí. 60 Hz ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà yí i sí 50 Hz. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò, ìgbọ̀n wìrìwìrì náà ti dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ ní, “Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?” Fún ọ̀pọ̀ ilé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbọ̀n wìrìwìrì nìkan bá ni ìṣòro yín, ẹ lè dúró síbẹ̀, kí ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò 50 Hz yìí kì í wo ìwé funfun sàn, nítorí pé kámẹ́rà ló ṣì ń yan iye ìmọ́lẹ̀. Bí a ṣe gbé káàdì sókè ni ojú ìyá náà ṣókùnkùn.

A wá kọjá sí Camera Control. Níwájú Exposure, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Auto sí, ó ní àmì nínú. Ẹ yọ àmì náà kúrò, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ á sì di tiyín láti yí. Nọ́ńbà yìí máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé -5, -6, -7 ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí mílísẹ́kọ́ńdì. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ń pín àkókò sí méjì. -5 jẹ́ ìdá 1 nínú 32 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 31 àti díẹ̀. -6 jẹ́ ìdá 1 nínú 64, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílísẹ́kọ́ńdì 16. -7 kò tó 8.

Ẹ rántí pé 10, 20 tàbí 30 la ń wá. Kò sí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n -5 sún mọ́ 30 débi pé odindi ìṣẹ́jú gílóòbù mẹ́ta wọ inú rẹ̀, ìyókù sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í rí i. -6 gba ìṣẹ́jú gílóòbù kan àti ààbọ̀, ààbọ̀ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. -7 kò tiẹ̀ tó ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé nínú ilé tí gílóòbù ń tan, -5 ni kí ẹ fi Exposure sí. Bí àwòrán bá wá mọ́ jù, ẹ má sá lọ sí -6. Ẹ gbé iná jìnnà díẹ̀, tàbí kí ẹ dín Gain kù, tó wà nínú Video Proc Amp. Bí ó bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé iná sún mọ́ ọn kí ẹ tó fọwọ́ kan Gain, nítorí pé Gain tó pọ̀ jù máa ń da iyanrìn sójú àwòrán. Ẹ má sì gbé Exposure kọjá -5 sí -4: àkókò yẹn gùn ju àyè tí àwòrán 1 ní nínú 30, kámẹ́rà á wá dín iye àwòrán kù, ìṣípòpadà ọwọ́ yín á sì máa fà bí àsìkò ọ̀dà. Ohun kan náà ni Low Light Compensation ń ṣe bí ó bá ní àmì. Ẹ yọ àmì náà.

-5 náà ní àbùkù tirẹ̀. Mílísẹ́kọ́ńdì 31 gùn fún ọwọ́ tó ń yára. Ẹni tó ń kọ́ni ní ijó tàbí tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún adití á rí i pé ìka ọwọ́ òun ń fà díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dára jù lọ lójú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, nítorí oòrùn kì í ṣẹ́jú, -7 sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ìgbọ̀n kankan.

Nínú Camera Control kan náà ni Focus wà. A yọ àmì Auto tirẹ̀ náà kúrò. Nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ láti kámẹ́rà kan sí òmíràn: ti Logitech C920, fún àpẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ láti 0, tó wà fún ohun tó jìnnà réré, dé 250, tó wà fún ohun tó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, márùn-ún-márùn-ún ló sì ń lọ. Ẹ má gba nọ́ńbà ẹlòmíì. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó síbi tí ẹ máa jókòó, kó di ìwé ìròyìn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa yí nọ́ńbà náà díẹ̀díẹ̀. Bí lẹ́tà kékeré bá ti ń mú, ẹ kọjá rẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, lẹ́yìn náà ẹ padà sí àárín. Lẹ́tà ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú ènìyàn, torí ojú máa ń tan ni jẹ.

Kí la wá ṣe sí káàdì tó ń wá sí 25 sẹ̀ǹtímítà? Fókọ́ọ̀sì tí a ti pa sójú kan kò lè mú ojú tó wà ní 70 àti káàdì tó wà ní 25 pọ̀. Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má na káàdì yẹn mọ́. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín.” Ìyá náà kọ́kọ́ jiyàn pé àwọn ọmọ kò ní rí i. A ní kó dán an wò. Ó fi máàkà tó nípọn kọ ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmì ohùn sì hàn kedere lórí fóònù ọmọ rẹ̀ tó wọ ìpàdé láti yàrá kejì. A tún gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ káàdì sórí ìwé aláwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ dípò funfun bálau, kí iná tábìlì má bàa jẹ ìlà lẹ́tà. Ọmọ náà fi téèpù lẹ ìlà kékeré mọ́ ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àga máa ń wà. Láti ìgbà yẹn lọ, ibi tí àga bá wà ni fókọ́ọ̀sì wà.

Ohun tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni àwọ̀. White Balance nínú Video Proc Amp ní Auto tirẹ̀, tí í máa sọ ojú ènìyàn di pupa tàbí búlúù bí aṣọ tàbí káàdì bá yí padà. Ẹ yọ àmì náà, ẹ di ìwé funfun mú, kí ẹ sún nọ́ńbà títí ìwé náà á fi funfun lójú yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A gbé káàdì sókè, a gbé e sílẹ̀. Ojú ìyá náà kò ṣókùnkùn, lẹ́ńsì kò rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà pa OBS tó sì ṣí Zoom, fókọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ̀rètí nù. Àwọn ètò kan máa ń dá Auto padà bí wọ́n bá gba kámẹ́rà, àwọn kámẹ́rà kan sì máa ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí a bá yọ okùn USB wọn. Ọ̀nà tó dájú jù ni pé kí OBS má kúrò lórí kámẹ́rà rárá. Ẹ fi OBS sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ tẹ Start Virtual Camera nínú rẹ̀. Nínú Zoom, níbi tí ẹ ti ń yan kámẹ́rà, ẹ yan OBS Virtual Camera. Àwòrán tí ẹ ti tún ṣe ni Zoom á máa gbà, kò sì ní ráyè fọwọ́ kan kámẹ́rà gangan. Ó ń gba agbára kọ̀ǹpútà o: láptọ́ọ̀pù tó ti gbó á gbóná, fáànù rẹ̀ á máa hó. Bí tiyín kò bá lè gbé e, ẹ wọ ìpàdé níṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, kí ẹ wá ṣí ojú ewé ètò kámẹ́rà lẹ́yìn tí Zoom ti ń lo kámẹ́rà, kí ẹ sì yọ Auto nígbà náà. Ẹ tún wo Settings inú Zoom, lábẹ́ Video: ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Adjust for low light. Ẹ pa á, nítorí òun náà ń tún ìmọ́lẹ̀ àwòrán ṣe lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti ṣe tirẹ̀.

Ọmọ náà kọ gbogbo nọ́ńbà wọn sórí ìwé kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: 50 Hz, Exposure -5, Focus, Gain, White Balance. Bí iná bá lọ tí nǹkan sì gbàgbé, ìṣẹ́jú kan péré ni yóò fi dá a padà.

Àwọn tí wọ́n ń lo Linux ní ànfààní kan lórí àwọn oní-Windows, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè sọ iye àkókò gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà Exposure níbẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà 200 jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 20, odindi ìṣẹ́jú gílóòbù méjì láìsí ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlà àkọ́kọ́ wo orúkọ tí kámẹ́rà yín ń jẹ́ wọn, torí Linux àtijọ́ ń pè wọ́n ní orúkọ mìíràn.

```
v4l2-ctl -d /dev/video0 --list-ctrls
v4l2-ctl -d /dev/video0 -c power_line_frequency=1
v4l2-ctl -d /dev/video0 -c auto_exposure=1
v4l2-ctl -d /dev/video0 -c exposure_time_absolute=200
v4l2-ctl -d /dev/video0 -c focus_automatic_continuous=0
v4l2-ctl -d /dev/video0 -c focus_absolute=30
```

Nọ́ńbà 1 tó wà níwájú power_line_frequency ni 50 Hz, 2 ni 60 Hz. Ẹ pààrọ̀ 30 ìkẹyìn sí nọ́ńbà fókọ́ọ̀sì tí ẹ fi ìwé ìròyìn wá.

Ohun kan wà tí ètò kankan kò lè wò sàn, ìyẹn sì ni jẹnẹrétọ̀ kékeré. Kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50 Hz, ọ̀pọ̀ nínú irú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń lò nílé gbọ́dọ̀ máa yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí fìríìjì bá ṣàdédé tan, ẹ ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, tí á tún gòkè. Ní gbogbo àkókò yẹn, iná kì í ṣe 50 mọ́, gílóòbù kì í ṣẹ́jú nígbà 100 mọ́, mílísẹ́kọ́ńdì tí ẹ fi ọgbọ́n yàn kò sì bá a mu. Agbára iná gan-an á tún máa lọ sókè sódò, ìyẹn sì hàn sí ojú lásán. Bí ìgbọ̀n bá ń bá ohùn jẹnẹrétọ̀ rìn, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí Exposure.

Nínú ilé tí a lọ ní Kánò, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò bí NẸ́PÀ bá mú iná. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ra iná tábìlì oní-bátìrì tí wọ́n ń gbà lágbára lọ́sàn-án, kò sì ju kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára wáyà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń wá tààrà láti inú bátìrì kì í lọ tó ń bọ̀ bíi ti NẸ́PÀ. Ó yẹ kí ẹ ṣì fi fóònù dán an wò, nítorí àwọn kan nínú wọn, bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù, ń dín in kù nípa títan àti pípa ní kíákíá, ìlà á sì tún yọ. Ẹ fi sí ibi tó mọ́ jù, kí ẹ gbé e jìnnà bí ó bá pọ̀. Gílóòbù àjà ni wọ́n pa ní tiwọn nígbà ẹ̀kọ́, kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé fáànù àti láptọ́ọ̀pù nìkan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a pè é láti béèrè bó ṣe ń lọ. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn òbí náà ti san owó oṣù tuntun, èkejì kò tíì dáhùn. Ó tún ní òun ti ra káàdì aláwọ̀ ìyeyè ọgọ́rùn-ún.